Orí Keje: Igbó Àbápàdé àti Igi Atúnṣe

Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ atúpalẹ̀ dátà yóò pàdé ìbéèrè yìí láìpẹ́: “Nínú igbó àbápàdé àti igi atúnṣe, èwo lẹ máa lò, kí sì nìdí?” Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń yára dáhùn pé igi atúnṣe ni, torí pé òun ló sábà máa ń borí níbi ìdíje. Òótọ́ ni pé ó ń borí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n olùbéèrè kò tíì sọ irú dátà tó wà nílẹ̀, kò sọ iye ìlà tó ní, kò sọ ẹni tó kọ èsì inú rẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi àwòṣe náà ṣe. Ẹni tó bá ti mú ọ̀kan kó tó gbọ́ nǹkan wọ̀nyí ti fi hàn pé orúkọ ló mọ̀, kò mọ iṣẹ́ tí orúkọ náà ń ṣe.

Nínú orí yìí a ó fi ọwọ́ ara wa ṣe ìṣirò ọ̀nà méjèèjì lórí ilé mẹ́rin péré, kí a lè rí ibi tí wọ́n ti yà. Lẹ́yìn náà la ó wọ yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ohun tí à ń pè ní igbó àbápàdé níhìn-ín ni àwọn ẹlòmíràn ń pè ní ráńdọ́ọ̀mù fọ́rẹ́ẹ̀sì. Igi atúnṣe sì ni gíréídíẹ́ǹtì búsítìn. Nínú `scikit-learn`, ẹ ó rí wọn gẹ́gẹ́ bí `RandomForestRegressor` àti `GradientBoostingRegressor`.

Igi kan ṣoṣo

Igi ìpinnu máa ń bi ìlà dátà kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan tẹ̀lé òmíràn: ṣé yàrá ilé yìí ju méjì lọ? Ṣé ó jìnnà sí títì? Ìlà tó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni á gba ẹ̀ka kan lọ, èyí tó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́ á gba èkejì, títí tí yóò fi kan ewé. Ìpíndọ́gba èsì àwọn ìlà tó bára wọn lórí ewé kan ni igi máa sọ fún ilé tuntun tó bá já síbẹ̀.

Bí a bá jẹ́ kí igi dàgbà títí dé òpin, ewé kọ̀ọ̀kan lè ku ìlà kan ṣoṣo. Igi bẹ́ẹ̀ ti há dátà sórí, bí ọmọ tó há ìdáhùn ìdánwò ọdún tó kọjá. Ẹ yọ ìlà mẹ́wàá kúrò nínú dátà, kí ẹ tún un gbìn, igi mìíràn pátápátá lè hù. Àìdúróṣinṣin la ó máa pe àìsàn yìí. Bí a bá sì gé igi náà débi pé ìbéèrè kan péré ló kù, ó ti di kùkùté. Kùkùté kì í yí padà púpọ̀ bí dátà bá yí díẹ̀, àmọ́ ó gọ̀: gbogbo ilé ayé ló pín sí ọ̀nà méjì. Èyí la ó máa pè ní ìtẹ̀sápákan.

Igbó àbápàdé kó igi ńláńlá jọ láti wo àìsàn àkọ́kọ́. Igi atúnṣe to igi kéékèèké léra láti wo èkejì. Gbogbo ohun tí olùbéèrè máa bi yín lẹ́yìn èyí, láti ibí yìí ló ti ṣàn wá.

Bí igbó ṣe ń ṣiṣẹ́

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Leo Breiman, onímọ̀ ìṣirò dátà ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Bákílì, ló gbé igbó àbápàdé jáde ní ọdún 2001, lórí ìpìlẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti fi lélẹ̀ ní 1996. Ìlànà náà rọrùn láti sọ. Ká ní ìlà 1,000 ló wà nílẹ̀. A dà wọ́n sínú àpò, a mú ọ̀kan, a kọ ọ́ sílẹ̀, a dá a padà sínú àpò, a tún mú, títí ó fi pé ìgbà 1,000. Torí pé à ń dá a padà, ìlà kan lè jáde lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, òmíràn ò sì ní jáde rárá. Tí ìlà bá pọ̀ bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 36.8 nínú ọgọ́rùn-ún ni kì í jáde. Orí ohun tó jáde la ó gbin igi kan lé, a ó sì jẹ́ kó dàgbà. A ó tún bẹ̀rẹ̀ láti inú àpò fún igi kejì, títí a ó fi ní igi ọgọ́rùn-ún tàbí ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ìpíndọ́gba ohun tí gbogbo wọn bá sọ ni ọ̀rọ̀ igbó.

Àwọn ìlà tí igi kan kò rí, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní ìlà ẹ̀yìn àpò. Ẹ̀bùn ni wọ́n jẹ́. Nítorí pé igi náà kò kọ́ wọn, a lè fi wọ́n dán an wò láìjẹ́ pé a gé apá kan dátà sọ́tọ̀. Níbi tí ìlà bá ti ṣọ̀wọ́n, àǹfààní yìí kì í ṣe kékeré, olùbéèrè tó mọṣẹ́ á sì máa dúró pé kí ẹ dárúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a fi ń pè é ní àbápàdé? Ẹ wo fọ́múlà yìí, tó ń sọ bí àìdúróṣinṣin ìpíndọ́gba igi B ṣe tó:

```
ρσ² + (1 − ρ)σ²/B
```

σ² ni àìdúróṣinṣin igi kan ṣoṣo. ρ sì ni bí ọ̀rọ̀ igi méjì ṣe jọra tó. Ká ní σ² jẹ́ 100, ρ sì jẹ́ 0.6. Pẹ̀lú igi 10, àìdúróṣinṣin igbó jẹ́ 64. Ẹ sọ igi di 100, ó bọ́ sí 60.4. Ẹ sọ ọ́ di 1,000, ó di 60.04. Apá kejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àmọ́ 60 tó wà ní apá àkọ́kọ́ kò mì rárá, nítorí pé àwọn igi náà ń sọ ohun kan náà. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó gbọ́ ìròyìn láti ẹnu ẹnì kan náà kì í ṣe ẹlẹ́rìí ẹgbẹ̀rún. Bí a bá wá rí ọgbọ́n tí yóò dín ìjọra náà kù sí 0.3, igi 100 péré á mú àìdúróṣinṣin wá sí 30.7.

Ọgbọ́n tí Breiman lò nìyí: níbi gbogbo tí igi bá ti fẹ́ pín ẹ̀ka, kò gbọdọ̀ wo gbogbo àbùdá. Díẹ̀ nínú wọn, tí a ṣà ní àbápàdé, ni yóò wò. Bí àbùdá kan bá lágbára ju ìyókù lọ, kò ní lè jókòó sí gbòǹgbò gbogbo igi mọ́. Fún iṣẹ́ tó jẹ́ yíyan ẹ̀yà, a sábà máa ń mú gbòǹgbò onílọ́po-méjì iye àbùdá: bí wọ́n bá jẹ́ 36, a ó wo 6. Fún àsọtẹ́lẹ̀ nọ́ńbà, ìdá kan nínú mẹ́ta ni àṣà àtijọ́. Ẹ ṣọ́ra níhìn-ín o: nínú `scikit-learn`, bí ẹ kò bá fọwọ́ kan `RandomForestRegressor`, `max_features=1.0` ló máa ń lò, ìyẹn ni pé gbogbo àbùdá ló ń wò. Igi yín á jọra ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ó sì máa rò pé igbó ni kò dára.

```python
from sklearn.ensemble import RandomForestRegressor
igbo = RandomForestRegressor(n_estimators=500, max_features=0.33,
        min_samples_leaf=5, oob_score=True, n_jobs=-1)
igbo.fit(X, y)
print(igbo.oob_score_)
```

Lára fọ́múlà yẹn náà ni ìdáhùn sí ìbéèrè kan tí wọ́n fẹ́ràn láti bi ènìyàn ti wá: “Bí mo bá sọ igi inú igbó di ìlọ́po méjì, ṣé ó máa há dátà sórí?” Rárá. B tó pọ̀ sí i kàn ń mú apá kejì kéré sí i ni. Àkókò àti àyè inú kọ̀ǹpútà lẹ máa fi ṣòfò, àmọ́ igbó kò ní bàjẹ́ torí iye igi.

Ilé mẹ́rin

Igi atúnṣe kò rí bẹ́ẹ̀. Jerome Friedman ti Yunifásítì Sítánfọ́dù ló ṣàlàyé rẹ̀ ní kíkún nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde ní 2001, ọdún kan náà pẹ̀lú igbó Breiman. Níhìn-ín, àwọn igi kì í dá ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èkejì ń dúró kí èkíní parí, ó ń wo ohun tí èkíní ṣì sọ, orí àṣìṣe yẹn nìkan ló sì ń kọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ilé mẹ́rin ló wà nílẹ̀: oníyàrá kan, méjì, mẹ́ta àti mẹ́rin. Owó ilé wọn lọ́dún, ní ẹgbẹ̀rún náírà, jẹ́ 200, 300, 400 àti 1,100. Kùkùté la ó máa lò, ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ̀n ìgbésẹ̀ wa jẹ́ 0.5, ìyẹn ni pé ìdajì ohun tí kùkùté bá sọ nìkan la ó gbà.

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpíndọ́gba, tó jẹ́ 500 fún gbogbo ilé. Àṣẹ́kù, ìyẹn owó gidi yọ àsọtẹ́lẹ̀, wá jẹ́ −300, −200, −100 àti 600. Kùkùté àkọ́kọ́ wo gbogbo ibi tó lè gé sí, ó sì rí i pé ibi tó dára jù ni àárín ilé kẹta àti ìkẹrin: ìpíndọ́gba àṣẹ́kù ní apá òsì jẹ́ −200, ní apá ọ̀tún ó jẹ́ 600. A gba ìdajì: ilé mẹ́ta àkọ́kọ́ bọ́ sí 400, ilé kẹrin gòkè sí 800. Bí a ṣe ń bá a lọ nìyí:

| Ìpele | Ilé 1 | Ilé 2 | Ilé 3 | Ilé 4 | Àpapọ̀ ìlọ́po-méjì àṣẹ́kù |
|---|---|---|---|---|---|
| Ìbẹ̀rẹ̀ | 500 | 500 | 500 | 500 | 500,000 |
| Kùkùté 1 | 400 | 400 | 400 | 800 | 140,000 |
| Kùkùté 2 | 350 | 350 | 350 | 950 | 50,000 |
| Kùkùté 3 | 300 | 300 | 400 | 1,000 | 20,000 |

Ẹ fara balẹ̀ wo kùkùté kejì. Ibi tí èkíní gé sí gan-an lòun náà gé sí. Ìkẹta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, tó gé sáàárín ilé kejì àti ìkẹta. Igi gígọ̀ mẹ́ta ni wọ́n, síbẹ̀ àpapọ̀ àṣìṣe ti bọ́ láti 500,000 sí 20,000. Bí igi atúnṣe ṣe ń wo ìtẹ̀sápákan sàn nìyẹn: kùkùté kan kò lè yàwòrán owó ilé, àmọ́ ogún kùkùté tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dí ihò tí èyí tó ṣíwájú fi sílẹ̀ lè yà á.

Ọ̀rọ̀ gíréídíẹ́ǹtì tó wà nínú orúkọ rẹ̀ wá láti ibi pé àṣẹ́kù kì í ṣe ohun kan ṣoṣo tí a lè máa lé. Bí òdiwọ̀n àṣìṣe wa bá yàtọ̀, igi á máa kọ́ ibi tí òdiwọ̀n náà ti ń sọ̀ kalẹ̀ jù. Òdiwọ̀n wo lẹ fẹ́? Ó wà lọ́wọ́ yín, a ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí ilé kẹrin jẹ́ irọ́

Ní báyìí, ká ní ẹnì kan padà wá sọ pé 1,100 yẹn kì í ṣe owó ọdún kan. Owó ọdún méjì tí onílé gbà lẹ́ẹ̀kan náà ni, akọ̀wé sì kọ ọ́ bí ó ṣe rí i lórí rìsíìtì. Owó ọdún kan ilé náà jẹ́ 550. Irú nǹkan báyìí kò ṣọ̀wọ́n nínú dátà tí ọwọ́ ènìyàn kọ.

Ẹ wá padà wo tábìlì yẹn. Kùkùté méjì nínú mẹ́ta ló fi gbogbo agbára wọn lé ilé tí nọ́ńbà rẹ̀ kò tọ́. Kò lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀, torí pé àṣìṣe tó tóbi jù ni igi atúnṣe máa ń kọ́kọ́ sá tẹ̀lé, kò sì ní ọ̀nà tí yóò fi mọ̀ bóyá àṣìṣe náà jẹ́ ti òun tàbí ti akọ̀wé. Bí a bá fi kùkùté kún kùkùté, ilé kẹrin á máa sún mọ́ 1,100.

Báwo ni igbó yóò ṣe ṣe sí i? Ìlà mẹ́rin la ní, nítorí náà a ó mú nǹkan nínú àpò lẹ́ẹ̀mẹrin fún igi kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀nà 256 tí yíyàn náà lè gbà rí, 81 ni ilé kẹrin kò ní jáde rárá. Igi tó bá rí i á sọ pé ilé oníyàrá mẹ́rin jẹ́ 1,100. Igi tí kò rí i á fún un ní owó ilé tó tóbi jù nínú èyí tó rí: 400 ní ọ̀nà 65, 300 ní ọ̀nà 15, 200 ní ọ̀nà kan péré. Bí a bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba, igbó máa sọ nǹkan bí 872.

Igbó náà ṣìnà o, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ó bọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà irọ́ náà kò rí gbogbo igi mú, bẹ́ẹ̀ ni igi kan kò sì gba àṣìṣe lọ́wọ́ òmíràn. Tí ìlà bá pọ̀ gan-an, tí a sì ní kí ewé kọ̀ọ̀kan má ṣe dín ní ìlà márùn-ún, irọ́ kan á rì sáàárín àwọn olóòótọ́ tó yí i ká.

Ẹni tó gbèjà igi atúnṣe lè sọ pé òdiwọ̀n àṣìṣe ni ká yí. Ó gba ọ̀rọ̀ sọ. Bí a bá lo òdiwọ̀n tó ń ka jíjìnnà lásán dípò ìlọ́po-méjì rẹ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ láti 350, tó jẹ́ àárín gbùngbùn nọ́ńbà mẹ́rin náà, ohun tí kùkùté àkọ́kọ́ á sì máa kọ́ ni ibi tí ilé kọ̀ọ̀kan tẹ̀ sí: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè, òkè. Ilé kẹrin kò ní ohùn ju ilé kẹta lọ mọ́, gígé àkọ́kọ́ á sì bọ́ sáàárín ilé kejì àti ìkẹta. `loss="huber"` wà láàárín ọ̀nà méjèèjì. Àmọ́ ẹ ní láti mọ̀ pé dátà yín ní irọ́ nínú kí ẹ tó yí i. Igbó ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́.

Nínú yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ bí ó ṣe lè lọ. Màdámú kan ló ń béèrè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń wá iṣẹ́.

“Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní ìlà ẹ̀yáwó 1,800, àbùdá rẹ̀ jẹ́ 35. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí kò ní lè san padà. Akọ̀wé mẹ́fà ló ń kọ ‘ó san’ tàbí ‘kò san’ láti inú ìwé ìsanwó. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ rí nǹkan. Kí lẹ máa lò?”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé àwọn akọ̀wé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní òfin kan náà tí wọ́n fi ń mọ ‘kò san’?”

“Wọn ò ní. Ẹlòmíràn ń ka ẹni tó pẹ́ oṣù kan mọ́ ẹni tí kò san.”

“Igbó àbápàdé ni màá fi bẹ̀rẹ̀, mà. Èsì tí wọ́n kọ kò ṣeé fọkàn tán pátápátá, igi atúnṣe sì lè máa lé ìyàtọ̀ ọwọ́ àwọn akọ̀wé kiri bí ẹni pé ẹ̀kọ́ ni. Ìlà 1,800 náà kéré. Ìlà ẹ̀yìn àpò á jẹ́ kí n dán an wò láìgé dátà sọ́tọ̀. Nǹkan tí mo ní láti yí kò pọ̀, màá sì ní èsì tó ṣeé fi hàn kí Ọjọ́ Ẹtì tó pé.”

Ìdáhùn tí màdámú ń retí nìyẹn, àmọ́ ẹ ṣàkíyèsí ohun tó ṣáájú rẹ̀. Ìbéèrè tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bi padà ló ṣe pàtàkì jù. Àmì mẹ́ta ni màdámú náà ti fi sínú ọ̀rọ̀ rẹ̀: ìlà tó kéré, akọ̀wé mẹ́fà, àti Ọjọ́ Ẹtì. Gbogbo wọn ń tọ́ka sí igbó. Ẹni tó bá dáhùn láì mẹ́nu kan ọ̀kankan nínú wọn lè mú orúkọ tó tọ́, kó má sì rí iṣẹ́ náà gbà.

“Ó dáa,” ni màdámú wí. “Ẹ jẹ́ ká yí i. Ilé iṣẹ́ mìíràn ní ìlà 2,000,000. Ẹ̀rọ ìsanwó fúnra rẹ̀ ló ń kọ ẹni tó san àti ọjọ́ tó san. Oníbàárà ń dúró lórí fóònù, ìdáhùn gbọ́dọ̀ yá. Àwọn alábòójútó sì sọ pé kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ pé kí owó tó ń wọlé fún ẹnì kan pọ̀ sí i, kí àwòṣe sì wá kà á sí eléwu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

Ibi tí igi atúnṣe ti ń tàn nìyí. Èsì mọ́, torí náà àṣẹ́kù tó ń lé jẹ́ ẹ̀kọ́ gidi. Ìlà pọ̀ tó láti gé apá kan sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó láti wá ìwọ̀n ìgbésẹ̀ àti iye igi tó bára mu. Ní ti òfin àwọn alábòójútó, ohun tí a ó tẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: nínú `monotonic_cst`, a ó kọ −1 fún owó tó ń wọlé, kí ewu má lè gòkè bí owó bá gòkè, 1 fún iye ìgbà tí ẹni náà ti pẹ́ sanwó, àti 0 fún àbùdá tí a kò fẹ́ dè. Ẹ̀yà tuntun `scikit-learn` gba irú ìdè yìí fún igbó náà, nítorí náà òun nìkan kọ́ ni yóò yan ọ̀nà fún yín.

Ohun tó máa yan ọ̀nà ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ìtóbi. Bí a bá jẹ́ kí igi igbó dàgbà dé òpin lórí ìlà 2,000,000, ewé igi kan ṣoṣo lè ju 100,000 lọ. Igi 500 á ní ju ewé 50,000,000 lọ, kò sì rọrùn láti gbé ẹrù bẹ́ẹ̀ sórí ẹ̀rọ tó ní láti dáhùn kíákíá. `HistGradientBoostingClassifier` kì í jẹ́ kí ewé igi kọ̀ọ̀kan ju 31 lọ bí ẹ kò bá yí i. Igi 500 níbẹ̀ kò lè ju ewé 15,500 lọ.

```python
from sklearn.ensemble import HistGradientBoostingClassifier
igi = HistGradientBoostingClassifier(learning_rate=0.05,
        max_iter=2000, early_stopping=True, n_iter_no_change=50,
        monotonic_cst=[-1, 1, 0])
igi.fit(X, y)
```

Ibi tí wọ́n ti ń dẹ pàkúté

Màdámú yẹn kò ní jẹ́ kí ẹ lọ bẹ́ẹ̀. “Báwo lẹ ṣe máa mọ ìgbà tí igi ti tó?” Nínú igbó, ìbéèrè yìí kò léwu. Nínú igi atúnṣe, òun gan-an ni ìbéèrè. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àṣẹ́kù gidi á tán, èyí tó kù á jẹ́ ariwo lásán, igi tuntun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í há ariwo náà sórí. Ẹ ó rí i báyìí: àṣìṣe lórí ìlà tí igi fi kọ́ṣẹ́ á máa bọ́ lọ láìdúró, àmọ́ àṣìṣe lórí ìlà àyẹ̀wò á bọ́, á dúró, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ibi tó ti dúró la ó ti dá iṣẹ́ dúró. Bí ẹ bá dín ìwọ̀n ìgbésẹ̀ kù sí ìdajì, ẹ retí pé igi tí ẹ nílò á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Nǹkan méjèèjì ń rìn pọ̀, kò sì dáa kí ènìyàn yí ọ̀kan láìwo èkejì.

Pàkúté wà nínú ìlà àyẹ̀wò fúnra rẹ̀. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ni pé wọ́n ń fi ìlà ìdánwò ìkẹyìn pinnu ibi tí igi máa dúró sí, wọ́n á sì tún fi ìlà yẹn kan náà ròyìn bí àwòṣe ṣe dára tó. Ẹni tó ti rí ìbéèrè kó tó wọ yàrá ìdánwò ni àwòṣe yẹn. Apá mẹ́ta la nílò: ọ̀kan fún ẹ̀kọ́, ọ̀kan fún ìdádúró, ọ̀kan tí a kò ní ṣí títí dé òpin.

Èyí tó tún fara sin ju ìyẹn lọ wà nínú kóòdù tí mo kọ sókè. `early_stopping=True` máa ń ṣà ìlà àyẹ̀wò rẹ̀ ní àbápàdé. Ẹ̀yáwó kì í ṣe àbápàdé, ó ní ọjọ́. Bí ìlà oṣù Kọkànlá bá wà nínú ẹ̀kọ́, tí ti oṣù Kẹwàá sì wà nínú àyẹ̀wò, igi ti rí ọjọ́ iwájú, yóò sì pẹ́ kó tó dúró. Fún irú dátà bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ara yín gé oṣù tó kẹ́yìn sọ́tọ̀, kí ẹ sì lo ohun èlò tó gba ìlà àyẹ̀wò tí ẹ fún un, bí `eval_set` inú `xgboost`. Ìlà ẹ̀yìn àpò igbó náà ní irú àìsàn yìí, torí pé àpò kò mọ ọjọ́.

Ìbéèrè kan wà tí kì í ṣe ti igbó, kì í sì í ṣe ti igi atúnṣe. Màdámú lè ní: “Ilé oníyàrá méje kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Èwo nínú àwọn méjèèjì ló máa sọ owó rẹ̀ dáadáa jù?” Ẹ padà sí ilé mẹ́rin wa. Ìbéèrè tó kẹ́yìn tí igi kankan lè béèrè níbẹ̀ ni bóyá yàrá ju mẹ́ta lọ. Ilé oníyàrá méje á dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, á sì já sórí ewé kan náà pẹ̀lú oníyàrá mẹ́rin: igbó á pè é ní 872, kùkùté mẹ́ta wa á pè é ní 1,000. Ìwọ̀n tí igi ti rí rí ló lè sọ, kò lè na ọwọ́ kọjá rẹ̀. Bí owó ilé bá ń gòkè lọ́dọọdún, tí ẹ sì fẹ́ sọ ti ọdún tó ń bọ̀, àwòṣe onílà-tààrà lásán lè lé àwọn méjèèjì sẹ́yìn. Ẹni tó bá mú ọ̀kan nínú méjèèjì ti kó sínú pàkúté. “Kò sí, mà” ni ìdáhùn, kí ẹ sì fi ewé ṣàlàyé ìdí.

Iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́

1. Ẹ tún tábìlì ilé mẹ́rin ṣe, kí owó ilé kẹrin jẹ́ 550. Níbo ni kùkùté àkọ́kọ́ gé sí báyìí? Ẹ fi àpapọ̀ ìlọ́po-méjì àṣẹ́kù ibi gígé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbe ìdáhùn yín lẹ́sẹ̀.

2. Pẹ̀lú 1,100 bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ wá kùkùté kẹrin. Ẹ ó rí ibi gígé méjì tó dọ́gba. Èwo nínú wọn ló tún ń lé ilé tí akọ̀wé kọ ṣì?

3. Nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yẹn, ká ní àwọn akọ̀wé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jókòó pọ̀, wọ́n fẹnu kò sí òfin kan, wọ́n sì tún gbogbo ìlà 1,800 kọ. Ẹ kọ ìbéèrè méjì tí ẹ ó bi màdámú kí ẹ tó pinnu bóyá ẹ ó kúrò lórí igbó.